Ta Ló Ń Ṣí Omi Lóru? Ọ̀rọ̀ Táńkì Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Tó Ń Dá Gbomi

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ni ìró omi, ṣììì, láti inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní nǹkan bí aago kan òru. Ó dún díẹ̀, ó dákẹ́. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Tọmọdé tàgbà ilé ti sùn. Nígbà tó tó ìṣẹ́jú mẹ́fà, ó tún dún.

Ìkòròdú ni ìdílé yìí ń gbé, nínú ilé tó ní kànga ẹ̀rọ tirẹ̀ àti táńkì ńlá oní-lítà 1,000 lórí òpó irin. Kí wọ́n tó fura sí ìró yẹn, ìjà omi ti wà nílé fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Bàbá ní àwọn ọmọ ń fi omi ṣeré ní balùwẹ̀. Ìyá ní ọmọ ọ̀dọ̀ kì í ti ẹ̀rọ ìdáná dáadáa tó bá fọ abọ́ tán. Ohun tó dá gbogbo wọn lójú ni pé táńkì ńlá tí wọ́n máa ń fa omi sí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti wá ń gbẹ lọ́jọ́ mẹ́ta, àti pé epo jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ tó ń fa omi ti di ìnáwó tuntun.

Wọ́n pe púlọ́mbà. Ó ṣí ìdérí táńkì kékeré tó wà lẹ́yìn àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó wò ó fìrí, ó ní, "Mọ́mì, fúlótà ló ti lọ. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀." Wọ́n ra fúlótà tuntun, ó dè é, ó gbowó iṣẹ́, ó lọ. Lóru ọjọ́ náà gan-an, ṣììì náà tún bẹ̀rẹ̀.

Fúlótà kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀ràn náà. Síbẹ̀ òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi ní ọ̀pọ̀ ilé, nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ariwo ti ń wá. Ẹni tó bá ti mọ ohun tó wà nínú táńkì kékeré yẹn kò ní ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà méjì ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. Èkíní ni ibi tí omi ń gbà wọlé, níbi tí fúlótà wà. Fúlótà jẹ́ ohun rọ́bà líle tó máa ń léfòó. Bí omi bá lọ sílẹ̀, òun náà á bá a lọ sílẹ̀, á sì ṣí ọ̀nà fún omi tuntun. Bí omi bá kún, á gbé fúlótà sókè, ọ̀nà á sì tì. Èkejì ni ihò ńlá tó wà ní ìsàlẹ̀ táńkì, tí omi ń gbà bọ́ sínú àwo. Orí ihò yìí ni ẹ̀rọ tí bọ́tìnnì ń gbé sókè jókòó lé. Ní abẹ́ ẹ̀rọ náà gan-an, rọ́bà róbótó kan wà tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, tó rọ̀, tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Rọ́bà yìí ló ń di ihò náà pa. Gbogbo omi tó wà nínú táńkì ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìyẹn ló fi máa ń dí gírígírí nígbà tó bá ṣì dára.

Ohun kan tún wà tí kò yẹ ká fò. Nínú ẹ̀rọ tó dí ihò yẹn, páìpù kan nà sókè, tí ẹnu rẹ̀ ga ju ibi tí omi máa ń dé lọ díẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba omi tó bá kún kọjá ààlà, kó dà á sínú àwo dípò kí ilẹ̀ tutù. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní páìpù àkúnwọ́sílẹ̀.

Bí rọ́bà ìsàlẹ̀ kò bá dí ihò dáadáa mọ́, omi á máa yọ́ gba abẹ́ rẹ̀ lọ sínú àwo. Kì í pariwo, nítorí ara àwo ló ń rọra ṣàn gbà bí okùn tín-ín-rín, ojú lásán kì í sì í sábà rí i. Omi táńkì á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, á ti lọ sílẹ̀ tó ìwọ̀n tí fúlótà fi máa ṣí ọ̀nà. Omi tuntun á tú wọlé, ìyẹn ni ṣììì tí wọ́n ń gbọ́. Á kún, fúlótà á tì í, ilé á dákẹ́ títí di ìgbà mìíràn. Fúlótà tó ń ṣí tó sì ń tì báyìí, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ká ní òun ló bàjẹ́ ni, omi kì bá má dáwọ́ dúró: á kún dé ẹnu páìpù àkúnwọ́sílẹ̀, á sì máa dà gba ibẹ̀ lọ láìsinmi.

Nítorí náà, ìró tó ń dún tó ń dákẹ́ ń tọ́ka sí ìsàlẹ̀. Ìró tí kì í dákẹ́ rárá sábà máa ń tọ́ka sí fúlótà. "Sábà" ni, nítorí pé nínú ilé tí táńkì ńlá rẹ̀ kò ga, omi máa ń rọra wọlé ni. Bí jíjò ìsàlẹ̀ bá ti pọ̀ tó omi tó ń wọlé, fúlótà kò ní ráyè tì, ìró náà kò sì ní dákẹ́. Ojú ni ká fi wo irú èyí. Ẹ ṣí ìdérí: tí omi bá ti dé ẹnu páìpù àkúnwọ́sílẹ̀, fúlótà ló ń ṣẹ̀, tí kò bá tíì débẹ̀, tó sì ń wọlé ṣáá, ìsàlẹ̀ ló ń jò.

Irú fúlótà kan tún wà lóde báyìí tó ní ife kékeré tirẹ̀. Omi inú ife yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbẹ kó tó ṣí, nítorí náà táńkì á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sófo kó tó gbomi. Ilé tó ní irú rẹ̀ lè má gbọ́ ìró ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín wákàtí kan, kí wọ́n sì rò pé nǹkan kékeré ni, bẹ́ẹ̀ omi tó ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà pọ̀ gan-an.

Èló lomi tó ń lọ yìí? Rúlà ọmọ ilé ìwé ti tó láti fi mọ̀ ọ́n. Ní ilé Ìkòròdú yẹn, inú táńkì kékeré náà gùn tó sẹ̀ǹtímítà 40, ó sì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15. Omi ń lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 kí fúlótà tó ṣí. Ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ìlọ́po ara wọn, 1,200 ló máa jẹ́, ìyẹn lítà kan àti díẹ̀, 1.2 gan-an. Ó ń gbomi ní ìṣẹ́jú mẹ́fà-mẹ́fà, ìgbà 10 nínú wákàtí kan, lítà 12 nìyẹn. Láàárọ̀ dé àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó di lítà 288. Táńkì tó ń lo lítà 6 nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ nìyí. Á jẹ́ bí ìgbà tí ẹnì kan dúró síbẹ̀ tó tẹ bọ́tìnnì ní ìgbà 48 lójúmọ́. Rọ́bà kan ṣoṣo lè gbẹ táńkì oní-lítà 1,000 láàárín ọjọ́ mẹ́ta àtààbọ̀, kódà bí gbogbo ará ilé bá rìnrìn àjò.

Omi yẹn kì í sì í pòórá. Sọ́kẹ́wè ló ń lọ. Ní àwọn àdúgbò tí omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìn, bí ọ̀pọ̀ ibi ní Èkó, sọ́kẹ́wè kì í rí àyè fa omi mu dáadáa lásìkò òjò. Lítà 288 lójúmọ́ lórí omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ lè mú kó kún kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ọ̀pọ̀ onílé ló ti pe ọkọ̀ tó ń fa ìdọ̀tí, tí wọ́n sanwó, tí sọ́kẹ́wè tún kún padà kíákíá, tí wọ́n wá ń dá ẹni tó gbẹ́ ẹ lẹ́bi. Ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ táńkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wò.

Àyẹ̀wò tó dájú jù kò gba ju búlúù ìfọṣọ díẹ̀ lọ, èyí tí àwọn ìyá ń pò fún aṣọ funfun. Ẹ pò ó sínú ife omi kan, ẹ dà á sínú táńkì kékeré lẹ́yìn tó bá ti kún, ẹ fi igi rò ó, kí ẹnikẹ́ni má sì tẹ bọ́tìnnì fún ààbọ̀ wákàtí. Lẹ́yìn náà, ẹ wo inú àwo. Tí omi àwo bá ti di búlúù, omi ń bọ́ láti inú táńkì láìjẹ́ pé ẹnì kankan rán an níṣẹ́. Ilé tó ń ju ọṣẹ aláwọ̀ búlúù sínú táńkì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ ọ́, kí wọ́n tẹ omi títí yóò fi mọ́, tàbí kí wọ́n fi omi zóbò tó pupa dáadáa dípò búlúù.

Búlúù á sọ pé omi ń jò, àmọ́ kò ní sọ ibi tó ń gbà. Pẹ́ńsù ló ń sọ ìyẹn. Ẹ ti tápù kékeré tó wà lára ògiri lẹ́bàá táńkì, èyí tí àwọn púlọ́mbà ń pè ní áńgù fáàfù, kí omi tuntun má lè wọlé. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ibi tí omi dé nínú táńkì, ẹ fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Bí omi bá lọ sílẹ̀ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, rọ́bà ìsàlẹ̀ ni, tàbí ibi tí rọ́bà náà jókòó lé. Bí ó bá lọ díẹ̀ tó dúró sí ẹnu páìpù àkúnwọ́sílẹ̀ gẹ́lẹ́, omi ti ń kún jù tẹ́lẹ̀ ni, fúlótà ló sì yẹ ká tún wò. Bí ó bá dúró ní agbedeméjì, ẹ wo ara páìpù náà ní ibi tí omi dúró sí: ó ṣeé ṣe kó ti sán níbẹ̀. Bí omi kò bá sì kúrò lórí ìlà rárá, kò sí ohun tó ń jò láti inú táńkì lọ sínú àwo, ìró tí wọ́n ń gbọ́ ti ibòmíràn wá.

Ní Ìkòròdú, ìyá ilé fúnra rẹ̀ ló ṣe méjèèjì lọ́jọ́ Sátidé kan. Omi àwo di búlúù láàárín ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi táńkì ti lọ sílẹ̀ títí dé etí ihò. Púlọ́mbà mìíràn tí wọ́n pè kò wo fúlótà mọ́, ìsàlẹ̀ ló lọ tààrà.

Ohun tó rí níbẹ̀ kì í ṣe tuntun ní agbègbè tí omi kànga ẹ̀rọ rẹ̀ ní irin nínú. Irú omi bẹ́ẹ̀ máa ń mọ́ lóló nígbà tó bá kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i, irin inú rẹ̀ á dógùn-ún, á sì di ìdọ̀tí pupa tó ń rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹni tó bá ti rí àwọ̀ ilẹ̀ pupa lẹ́yìn àwo ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí nínú kòròbá mọ ohun tí à ń sọ. Ìdọ̀tí yìí máa ń há sáàárín rọ́bà àti ìjókòó rẹ̀. Ẹyọ iyanrìn kan tó há síbẹ̀ ti tó láti la ọ̀nà fún omi.

Èkejì nínú ohun tó ń ba rọ́bà jẹ́ ni oògùn ìfọ. Ọṣẹ líle tí wọ́n ń jù sínú táńkì kí omi lè máa rùn dáadáa, àwọn kan nínú wọn ní kùlórínì. Omi oògùn yẹn ń dúró lórí rọ́bà tọ̀sán tòru. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, rọ́bà á le, á sán wẹ́wẹ́, tàbí kó wú kó sì máa yọ dúdú sọ́wọ́ ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. Inú àwo ló yẹ kí a da oògùn ìfọ sí. Táńkì kò nílò rẹ̀.

Ìgbà míì wà tí rọ́bà kò ní àbùkù kankan. Bọ́tìnnì ló há, tàbí ọ̀pá tó so mọ́ ọn ló gùn jù, tí ìdérí fi ń tẹ̀ ẹ́ nígbà gbogbo, tí ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ kò fi lè jókòó tán. Ẹ gbé ìdérí kúrò kí ẹ tẹ́tí fún wákàtí kan. Bí ìró náà kò bá wá mọ́, ọ̀rọ̀ ti yanjú láìra nǹkan kan: ẹ dín ọ̀pá náà kù títí bọ́tìnnì yóò fi lè mì díẹ̀ kó tó kan ohunkóhun.

Iṣẹ́ tí púlọ́mbà kejì ṣe kò gbà ju ààbọ̀ wákàtí lọ. Ó ti áńgù fáàfù, ó tẹ gbogbo omi kúrò, ó di ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ mú, ó yí i díẹ̀ sápá òsì bí ẹni ń ṣí ìdérí ìgò, ó sì fà á sókè. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ní bọ́tìnnì lórí ló máa ń jáde bẹ́ẹ̀ láìlo sípánà; kò sídìí láti tú táńkì kúrò lára àwo. Rọ́bà náà ti le bí awọ gbígbẹ, ìlà pupa sì yí i ká. Ó yọ ọ́, ó fi ìka ra etí ihò yípo láti mọ̀ bóyá ibì kankan wà tó hu. Ó rí ibi tí ìdọ̀tí ti dì mọ́ ọn, ó fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó dúró díẹ̀, ó sì fi aṣọ nù ún kúrò. Ọ̀bẹ tàbí páànù kò gbọ́dọ̀ kàn án: bí wọ́n bá họ ojú ìjókòó yẹn, rọ́bà tuntun pàápàá á máa jò.

Rọ́bà ni ìṣòro tó kù, nítorí wọn kò rí bákan náà. Ti ilé iṣẹ́ kan lè fẹ̀ ju ti èkejì lọ ní ìwọ̀nba mìlímítà mélòó kan, ìyẹn sì ti tó láti mú kí ó má dí ihò. Ògbólógbòó rọ́bà náà ni kí wọ́n mú lọ sọ́jà, kí wọ́n gbé e lé tuntun lójú ẹni tó ń tà á. Àwọn tó ń ta ohun èlò púlọ́mbà ní Ọdúnadé, Orílé, l'Ékòó, máa ń ní rọ́bà lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n oníbàárà gbọ́dọ̀ tẹnu mọ́ ọn pé òun kò ra odidi ẹ̀rọ. Fún ẹni tí kò ráyè lọ lọ́jọ́ náà, àwọn rọ́bà kan wà tí ojú wọn méjèèjì rí bákan náà. Wọ́n lè dorí irú wọn kodò kí ojú tí kò tíì gbó wá wà nísàlẹ̀. Ó lè gba ilé là fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Bẹ́ẹ̀ ni kò ní rí nígbà gbogbo o. Tí páìpù àkúnwọ́sílẹ̀ bá ti sán, tàbí tí ìjókòó rọ́bà bá ti bó, odidi ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa pààrọ̀. Nígbà yẹn, tí táńkì bá jókòó lórí àwo, wọ́n gbọ́dọ̀ tú bóòtù tó dè wọ́n pọ̀, kí wọ́n gbé táńkì sílẹ̀, kí wọ́n sì fi rọ́bà ńlá tuntun sáàárín méjèèjì nígbà tí wọ́n bá ń dá a padà. Iṣẹ́ púlọ́mbà nìyẹn, ó sì tọ́ kó gbowó rẹ̀. Ẹni tó bá fún bóòtù yẹn le jù lè fọ́ táńkì tánganran.

Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bá ìṣòro yìí jìjàkadì tipẹ́tipẹ́. Ní sẹ́ńtúrì 19, omi tó ń jò gba ìsàlẹ̀ táńkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ká àwọn ilé iṣẹ́ omi wọn lára débi pé irú táńkì mìíràn ni wọ́n fara mọ́, òun náà sì ni òfin wọn gbà láàyè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Táńkì yẹn kò ní rọ́bà tó dí ihò nísàlẹ̀. Páìpù tó tẹ̀ kọdọrọ ló wà nínú rẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju omi lọ. Ọwọ́ ìfà tó wà lára táńkì ló ń ti omi gun orí ibi tó tẹ̀ yẹn. Bí omi bá ti ré e kọjá, ìyókù á tẹ̀ lé e wọ àwo. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fà á, omi kò rí ọ̀nà jáde. Bí irú táńkì bẹ́ẹ̀ bá sì bàjẹ́, ó kàn máa kọ̀ láti ṣàn ni. Onílé á mọ̀ lójú ẹsẹ̀, á sì pe ẹni tó máa tún un ṣe.

Ní ọjọ́ 1, oṣù kìíní, ọdún 2001, òfin tuntun fàyè gba táńkì oníbọ́tìnnì níbẹ̀, ó sì dín omi tí táńkì tuntun lè lò lẹ́ẹ̀kan kù sí lítà 6. Wọ́n fẹ́ fi pamọ́ omi. Bọ́tìnnì méjì dé, kékeré fún ìtọ̀, ńlá fún ìgbẹ́, rọ́bà ìsàlẹ̀ sì bá wọn wọlé padà. Lónìí, àjọ Waterwise tó ń rí sí ìlò omi níbẹ̀ ṣírò pé láàárín 5 sí 8 nínú 100 ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń jò, oníbọ́tìnnì méjì ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí mítà ń ka omi rẹ̀, yóò rí jíjò náà nínú bíìlì. Tiwa ní Ìkòròdú, inú epo jẹnẹrétọ̀ àti iná mànàmáná ló ń fara pamọ́ sí.

Rọ́bà tuntun kò sì ní kí ilé gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Níbi tí omi bá ti ní irin, ó dára kí wọ́n yọ ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, kí wọ́n ṣan ìdọ̀tí pupa kúrò lára rọ́bà àti ìjókòó rẹ̀, kí wọ́n sì fọ ìsàlẹ̀ táńkì ńlá níta, nítorí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìdọ̀tí náà ti ń wá. Lẹ́yìn àtúnṣe èyíkéyìí, kí wọ́n tún da búlúù sí i, kí wọ́n sì dúró fún ààbọ̀ wákàtí kí púlọ́mbà tó lọ. Púlọ́mbà tó bá sọ pé kí ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ láì tíì ti áńgù fáàfù kó wo ibi tí omi dúró sí, kò tíì yẹ táńkì yín wò. Ẹ má tíì sanwó fún un.